Àgbàdo Kan, Àwùjọ Méjì

Apá iṣẹ́ ìwádìí tí mo fẹ́ràn jù lọ ni ìgbà tí mo bá ní láti sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì: lẹ́ẹ̀kíní fún àwọn onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi ní àpérò, lẹ́ẹ̀kejì fún àwọn ará Kábà àti agbègbè rẹ̀, àwọn tó ń gbin ohun tí mo ń yẹ̀ wò, tí wọ́n ń tà á, tí wọ́n sì ń jẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwa olùwádìí ló ka ẹ̀ẹ̀kejì sí èérún tó bọ́ lára ẹ̀ẹ̀kíní. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì ní ọgbọ́n tirẹ̀.

Oró tó ń wọ inú àgbàdo ni mò ń bá ṣe. Olú kan wà, aláwọ̀ ewé, tó kéré débi pé ojú lásán kì í rí i àfi tó bá ti pọ̀. Bí àgbàdo, ẹ̀pà tàbí èlùbọ́ ò bá gbẹ dáadáa, olú yìí á hù sí i, á sì pọ oró tí à ń pè ní afilatọ́síìnì sínú rẹ̀. Ọdún 1960 ni ayé kọ́kọ́ fura sí i, nígbà tí tòlótòló tó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí oúnjẹ ẹ̀pà tí wọ́n fún wọn jẹ. Ẹ̀dọ̀ ló ń bà jẹ́. Ní ilẹ̀ Òkun, ìgbà tí a ń kórè àgbàdo àkọ́rọ̀, ní nǹkan bí oṣù keje sí oṣù kẹjọ, òjò ò tíì dáwọ́ dúró, oòrùn ò sì ṣe é gbójú lé. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ ilé wa.

Ní àpérò, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n sábà máa ń fún èèyàn. Àwọn tó jókòó síwájú mi mọ oró yìí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, n kò sì ní láti sọ fún wọn pé ó burú. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n gbé wá: báwo lo ṣe mọ̀? Nítorí náà, bí mo ṣe bu àgbàdo ni mo máa ń fi èyí tó pọ̀ jù nínú àsìkò mi sọ. Oró yìí kì í tàn ká inú àpò bákan náà. Hóró díẹ̀ lè gbé gbogbo rẹ̀, kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó yí wọn ká máà ní nǹkan kan lára. Bí mo bá bu ẹ̀kúnwọ́ kan lójú àpò, ó ṣeé ṣe kí n máà bá oró kankan pàdé, tàbí kí n bá èyí tó pọ̀ lápọ̀jù. Irin oníhò tí wọ́n fi ń gún àpò ni mo fi ń bù ú, lókè, láàárín àti nísàlẹ̀. Màá da gbogbo rẹ̀ pọ̀, màá lọ̀ ọ́ kúnná, kí n tó mú ìwọ̀nba tí màá yẹ̀ wò. Ẹni tó bá fo èyí dá nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ò ní gbọ́ ìyókù.

Lẹ́yìn ìyẹn ni iye. Ká ní àpò mẹ́wàá ni a yẹ̀ wò. Nínú mẹ́sàn-án, ó jẹ́ máíkírógíráàmù 2 nínú kílógíráàmù kan. Nínú ẹ̀kẹwàá, ó jẹ́ 182. Bí a bá rò ó pọ̀, tí a sì pín in dọ́gba, 20 ló máa fún wa. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí àpò kankan nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tó ní 20. Ní àpérò, màá fi iye tó wà láàárín hàn, èyí tó jẹ́ 2, màá fi èyí tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù hàn, màá sì ya gíráàfù kan tí gbogbo àpò ti ní àmì tirẹ̀. Ẹnì kan á dìde, á béèrè ohun tí mo ṣe sí àwọn àpò tí ẹ̀rọ mi ò rí nǹkan kan nínú wọn: ṣé òdo ni mo kọ, àbí ìdajì iye tó kéré jù tí ẹ̀rọ náà lè rí? Ìbéèrè gidi ni, nítorí ìdáhùn rẹ̀ lè yí gbogbo àbájáde padà. Mo fẹ́ràn ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Òun ló jẹ́ kí n máa kọ́kọ́ lọ sí àpérò kí n tó bá aráàlú sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ò tíì gbọ̀n wò, kò yẹ kí á fi da oko ẹnikẹ́ni rú.

Ní Kábà, ìbéèrè náà yí padà. Lẹ́yìn tí a bá ti kí ara wa, “Òkun o,” tí àwọn ará Òwé, Bùnú àti Ìjùmú ti jókòó sínú gbọ̀ngàn, kò sí ẹni tó fẹ́ mọ bí mo ṣe mọ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni pé: tèmi tó wà nílé ńkọ́? Ohun tó gbẹ̀yìn ní àpérò gbọ́dọ̀ di àkọ́sọ: ohun tí èèyàn lè ṣe. Ọ̀rọ̀ gbígbẹ ni màá fi bẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe bu àgbàdo, tó gba àsìkò tó pọ̀ jù lọ́hùn-ún, gbólóhùn kan ni yóò dà níbí: àpò kan lè burú kí àwọn tó yí i ká dára, ojú ò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Iye náà ni mo máa ń rò jù lọ. Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ò gbà kí oró yìí ju máíkírógíráàmù 4 lọ nínú kílógíráàmù kan ọkà tí èèyàn fẹ́ jẹ ní tààrà. Amẹ́ríkà gbà dé 20. Ní àpérò, ó tó kí n kọ ọ́ sójú sláìdì. Ní Kábà, máíkírógíráàmù ò jọ nǹkan kan. Mo wá ṣírò rẹ̀ báyìí: àpò àgbàdo mẹ́wàá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọn 100 kílógíráàmù, tọ́ọ̀nù kan ni. Mẹ́rin-mẹ́rin nínú kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan á jẹ́ mílígíráàmù 4 nínú gbogbo àpò mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Màá wá gbé pàrásítámọ̀ kan sókè, èyí tó ní oògùn mílígíráàmù 500 nínú. Bí a bá pín oògùn inú rẹ̀ sí ọ̀nà 125, oró tó wọ̀n tó ìpín kan péré ti tó láti mú àpò mẹ́wàá dé ibi tí òfin Yúróòpù ti ní ó tó gẹ́ẹ́. Gbọ̀ngàn á kọ́kọ́ dákẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n á máa fi ìka ṣírò owó àpò tiwọn.

Ṣùgbọ́n ìṣirò yẹn léwu bí mo bá dá a dúró síbẹ̀, torí ẹlòmíràn á gbọ́ ọ pé ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ò lè pa èèyàn. Ìdí nìyí tí màá fi sọ ti Kẹ́ńyà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lọ́dún 2004, ní ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè náà, àwọn èèyàn kó àgbàdo tútù pamọ́ sínú ilé. Èèyàn 317 ni wọ́n kà pé oró náà ṣe, 125 nínú wọn sì kú. Lójú sláìdì àpérò, ìlà kan ni Kẹ́ńyà gbà, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Ní Kábà, mo máa ń rọra sọ ọ́, torí pé ohun tí wọ́n ṣe sí àgbàdo wọn kò yàtọ̀ sí ohun tí àwa náà ń ṣe nígbà òjò.

Ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ńkọ́? Òótọ́ ni pé oró yìí ń fà á fún ẹni tó bá ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, n kì í sì í fi pamọ́. Ṣùgbọ́n n kì í fi ṣíde ọ̀rọ̀, n kì í sì í dárúkọ ọjà tí mo ti ra àgbàdo tí mo yẹ̀ wò. Ìyá tó ń ta àgbàdo lọ́jà ò mọ ohun tó wà nínú àpò rẹ̀ ju ẹni tó ń rà á lọ. Bí ìbẹ̀rù bá ti ṣíwájú, etí ò ní gbọ́ ohun tó kàn mọ́.

Ohun tó kàn náà ni ìgò. Ní àpérò, mo ní gíráàfù kan tó fi hàn pé bí omi inú àgbàdo bá ti ju ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ewu ń pọ̀ sí i. Ẹ̀rọ tó ń wọn omi yìí wọ́n, kò sì sí nílé àgbẹ̀. Mo máa ń pa gíráàfù yẹn tì, màá gbé ìgò funfun kan tó gbẹ kalẹ̀. Àgbàdo á kún un dé ìdá kan nínú ìdá mẹ́ta rẹ̀, a ó bu iyọ̀ gbígbẹ ṣíbí kan sí i, a ó dé e, a ó mì ín fún ìṣẹ́jú kan, a ó sì gbé e sílẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi inú àgbàdo náà ju ìdá 15 lọ. Bí kò bá lẹ̀, ó ti wálẹ̀ sí i. Mo máa ń gbé ìgò méjì, ọ̀kan tútù, ọ̀kan gbẹ, a ó sì fi wọ́n ránṣẹ́ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Mo sì máa ń sọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ: iyọ̀ tí kò lẹ̀ sọ pé kò tó 15, kò sọ pé ó ti dé 13. Nítorí náà, bí kò bá tilẹ̀ lẹ̀ mọ́, ẹ tún un sá fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó dì í. Bí iyọ̀ fúnra rẹ̀ bá tutù nítorí òjò, irọ́ ló máa pa. Ẹ kọ́kọ́ yan án díẹ̀.

Ìyèméjì yìí ni èmi ò gbà kí ó sọnù lọ́nà láàárín àpérò àti gbọ̀ngàn. “Ẹ̀rọ wa ò rí i” ni mo sọ fún àwọn onímọ̀, òun náà ni mo sọ ní Kábà, n kì í yí i sí “kò sí níbẹ̀.” Bí mo bá ní kí wọ́n ṣa hóró tó bu, tó ṣú tàbí tí kòkòrò ti jẹ kúrò, màá fi kún un pé ó ń dín ewu kù gan-an, kì í mú un kúrò tán, torí oró lè wà nínú hóró tó dán.

Aráàlú náà máa ń gbọn ọ̀rọ̀ wò, lọ́nà tí àwọn onímọ̀ kì í gbà. Màmá àgbà kan béèrè lọ́wọ́ mi pé, “Ọmọ mi, tí mo bá sè é jinná, ṣé iná ò ní pa oró náà ni?” Mo ní, “Rárá, Màmá. Omi tó ń hó kò gbóná tó láti pa á.” Kò jẹ́ kí n sinmi: “Ògì tí a rẹ, tí a fọ̀, tí a sẹ́ ńkọ́?” Ìyẹn yàtọ̀. Fífọ̀, rírẹ àti sísẹ́ máa ń mú díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ, ó sì ku díẹ̀ sílẹ̀. Ìbéèrè yẹn wà nínú ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ ní àpérò di òní, torí àgbàdo bí a ṣe ń jẹ ẹ́ ló ń béèrè nípa rẹ̀, nígbà tí àwa ń wọn ti inú àpò.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tó ń ṣèwádìí lórí oúnjẹ ilẹ̀ Òkun, bí ẹ bá ti padà dé láti àpérò, ẹ má ṣe gbé sláìdì yẹn wá sí Kábà. Ẹ pa á tì, kí ẹ tún ọ̀rọ̀ náà tò láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Ẹ̀yin tí ẹ ní àgbàdo nílé lásìkò yìí, ẹ wá ìgò àti iyọ̀ gbígbẹ. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ìgò, ẹ má tíì di àpò yẹn. Ẹ tún un sá.