Abala 73

Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tó ń wọkọ̀ ní Ojú-Ore lọ sí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ kò ní ìwé ìgbanisíṣẹ́. Bí ẹ̀rọ bá gé ìka wọn, ta ni yóò sanwó? Ẹ wo Òfin Owó Gbà-má-bínú fún Òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010. Àkọlé gígùn rẹ̀ sọ pé ó pa òfin àtijọ́ rẹ́. Ṣùgbọ́n abala 73, níbi ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, ni mo fẹ́ràn jù: ẹni tí wọ́n fi ẹnu lásán gbà náà jẹ́ òṣìṣẹ́, àti alágbàṣe, àti ọmọ iṣẹ́. Àwọn tó kọ ọ́ ronú gan-an! Lẹ́yìn àwọn abala òfin náà ni àfikún kìíní, tó to àwọn àìsàn tí iṣẹ́ ń fà. Ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ òfin, ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá 2010, wà lókè ìwé òfin náà. Kí ẹ kọ́kọ́ fi ọjọ́ ìjàǹbá wé e.