«Gbé» àti «Pẹ́» nínú Ìpolówó Ínfátà Sólà ní Ìsàlẹ̀ Èkó

Nínú ìpolówó àwọn tó ń fi ínfátà sólà sílé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ọ̀rọ̀-ìṣe «gbé» ló ń sọ ìwọ̀n ẹ̀rọ di àǹfààní: ínfátà kéfíéè kan yóò gbé fáànù, tẹlifíṣàn àti gílóòbù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹrù tí ẹ̀rọ lè rù lẹ́ẹ̀kan náà ni kéfíéè ń sọ. Bátìrì ló ń sọ bí yóò ti pẹ́ tó. Bí ìpolówó bá fi «títí ilẹ̀ yóò fi mọ́» kún «gbé», ó ti fi ìwọ̀n kan ṣe ẹ̀rí fún òmíràn.

Bátìrì olójé kan, 12 fóltì, 200 ámpíà-wákàtí, ní 2,400 wáàtì-wákàtí nínú. Kí ó má baà tètè bàjẹ́, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ló yẹ ní lílò. Ínfátà náà yóò jẹ díẹ̀ níbẹ̀, yóò wá ku nǹkan bí 1,000. Fáànù méjì oní-60 wáàtì, tẹlifíṣàn 80 àti gílóòbù márùn-ún oní-10 jẹ́ 250 wáàtì lápapọ̀. Wákàtí mẹ́rin péré ni. Bí wọ́n bá mú iná lọ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, fáànù yóò dúró ní aago kan òru.

Bí wọ́n bá pa tẹlifíṣàn, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́fà. Ìpolówó tó bá sọ èyí kò pàdánù adùn rẹ̀: ó fi «pẹ́» ti «gbé» lẹ́yìn, ó sì jẹ́ kí onílé mọ ohun tí òun yóò pa kí òun tó sùn.