Ta Ni Olùṣe Nínú Ìlànà Ìpamọ́ Àṣírí?

Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà, èyí tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lù ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, pín àwọn tí ọwọ́ wọn ń kan dátà ara ẹni sí ọ̀nà méjì. Dátà ara ẹni ni ohunkóhun tí a lè fi dá ènìyàn kan pàtó mọ̀, ìbáà ṣe orúkọ, nọ́ńbà fóònù tàbí ibi tí fóònù náà wà. Olùdarí dátà ni ẹni tó ń pinnu ìdí tí òun fi ń gbà á àti ọ̀nà tí òun yóò gbà lò ó. Aṣiṣẹ́-lórí-dátà sì ni ẹni tí olùdarí gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́, bí iléeṣẹ́ tó ń bá a tọ́jú dátà sórí sẹ́fà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí ń pa ìsọfúnni mọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìyàtọ̀ yìí ni ìlànà ìpamọ́ àṣírí áàpù dúró lé lórí, òun náà ló sì mú kí títúmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá dùn mọ́ ògbufọ̀ tó mọ iṣẹ́, bó tilẹ̀ ń mú un làágùn.

Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n sábà fi ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè sọ pé nǹkan ṣẹlẹ̀ láìdárúkọ ẹni tó ṣe é. Yorùbá kò gba irú ìhun yẹn. Bí olùṣe kò bá ní orúkọ, "wọ́n" tàbí "a" ni yóò dúró sí ipò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo áàpù tí àwọn ènìyàn fi ń fi owó ránṣẹ́, tí ìlànà rẹ̀ sọ pé ó ṣeé ṣe kí dátà oníbàárà dé orí sẹ́fà kan lẹ́yìn odi Nàìjíríà. "Wọ́n lè fi dátà yín ránṣẹ́ sí ilẹ̀ òkèèrè" yọ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n òǹkàwé yóò bèèrè pé àwọn wo, olùdarí yóò sì ti fi ọgbọ́n yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀. "A" nìkan náà kò tó, nítorí "a" kan náà ni Yorùbá ń lò fún ẹnikẹ́ni tí kò ní orúkọ. Ògbufọ̀ kò ní ẹ̀tọ́ láti méfò níhìn-ín. Agbẹjọ́rò tó kọ ìwé náà ni yóò gbé ìbéèrè lọ bá. Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé iléeṣẹ́ áàpù ló ń fi ránṣẹ́, tí oní-sẹ́fà kàn ń bá a tọ́jú rẹ̀, gbólóhùn náà yóò di: "Iléeṣẹ́ wa lè fi dátà yín ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ mìíràn lẹ́yìn odi Nàìjíríà, tí yóò máa bá wa tọ́jú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣẹ tí a bá pa fún un." Ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fara pamọ́ nínú rẹ̀. Nígbà mìíràn agbẹjọ́rò gan-an kò ní ìdáhùn, ìwé àkọ́kọ́ ni wọn yóò sì padà lọ tún kọ.

Lẹ́yìn olùṣe ni agbára ọ̀rọ̀-ìṣe. "A lè pín in" fi àyè sílẹ̀ pé ó lè máà ṣẹlẹ̀. "A máa ń pín in" sọ ọ́ di àṣà. "A ó pín in" sì jẹ́ ìlérí. Èyí tó léwu jù ni ti àìgbọ́dọ̀-ṣe. Bí ìwé bá sọ pé oníbàárà kò ní láti jẹ́ kí áàpù mọ ibi tó wà, tí ògbufọ̀ sì kọ "ẹ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí a mọ ibi tí ẹ wà", ó ti sọ òmìnira di èèwọ̀. "Kò pọn dandan" ni ọ̀rọ̀ tó yẹ, nítorí òfin fẹ́ kí ìyọ̀ǹda, ìyẹn gbígbà tí ènìyàn gbà fínnúfíndọ̀, ti ọwọ́ oníbàárà wá, kò sì ka ìdákẹ́ sí ìyọ̀ǹda.

Àkókò náà ní ọ̀fìn tirẹ̀. Bí dátà bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò tọ́, tó sì ṣeé ṣe kó kó àwọn tó ni ín sí ewu, olùdarí gbọ́dọ̀ fi tó àjọ tí òfin náà dá sílẹ̀ létí láàárín wákàtí 72 lẹ́yìn tó ti mọ̀. Ẹni tó bá kọ "ọjọ́ mẹ́ta" ti gbàgbé pé Yorùbá a máa ka òní mọ́ iye ọjọ́: ìjẹta kì í ṣe ju ọjọ́ tó ṣáájú àná lọ. Wákàtí 72 ni kí ó wà bẹ́ẹ̀. Kí ògbufọ̀ sì má fi ìgbà tí dátà bọ́ sọnù rọ́pò ìgbà tí olùdarí mọ̀, torí oṣù púpọ̀ lè wà láàárín méjèèjì.

Àyẹ̀wò tó dájú jù ni kí ògbufọ̀ mìíràn tí kò rí ìwé àkọ́kọ́ rárá tú ti Yorùbá padà sí Gẹ̀ẹ́sì, kí agbẹjọ́rò sì gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ibi tí olùṣe bá ti yí padà, tàbí tí "lè" ti di "gbọ́dọ̀", kì í fara sin níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ a tún fi kún un pé bí ìtumọ̀ bá takora, ti Gẹ̀ẹ́sì ni yóò lékè. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n máa ń fi gbólóhùn yìí sí, àmọ́ òkè ló yẹ ẹ́, ní Yorùbá tó já gaara, kí òǹkàwé tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìyókù.