Èso Ìdánilẹ́kọ̀ọ́: Àgbéyẹ̀wò Òṣùwọ̀n Onípele Mẹ́rin

Ìròyìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí àwọn ìjọ àti àwọn ẹgbẹ́ inú ìjọ ń kọ máa ń jọ ara wọn. A ó kà nínú rẹ̀ iye ènìyàn tí ó wá, orúkọ olùkọ́ni, iye owó tí a ná, lẹ́yìn náà gbólóhùn kan pé inú gbogbo ènìyàn dùn, wọ́n sì jẹ́rìí pé ó ṣe àwọn láǹfààní. Ìwé pélébé tí a pín ní ọjọ́ ìkẹyìn ni ẹ̀rí gbólóhùn yìí. Ohun tí a fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí ni pé ìbéèrè kan péré nínú mẹ́rin ni ìwé náà dáhùn, èyí tí ó kéré jù lọ nínú wọn. Èyí tí ìròyìn wa sì máa ń fi yangàn jù, pé ìgbé ayé àwọn ènìyàn ti yí padà, ni èyí tí ó ṣòro jù láti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Donald Kirkpatrick, olùkọ́ ní Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà, ni a mọ̀ mọ́ ìbéèrè mẹ́rin náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ wọ́n jáde nínú àwọn àròkọ rẹ̀ ní 1959, ó sì kó wọn jọ sínú ìwé ní 1994. Èkínní: báwo ni ẹ̀kọ́ náà ti rí lára àwọn tí ó wá? Èkejì: kí ni wọ́n mọ̀ nísinsìnyí tí wọn kò mọ̀ tẹ́lẹ̀? Ẹ̀kẹta: kí ni wọ́n ń ṣe lẹ́nu iṣẹ́ wọn tí wọn kì í ṣe tẹ́lẹ̀? Ẹ̀kẹrin: kí ni ó ti ibẹ̀ jáde, bí èrè tí ó pọ̀ sí i tàbí ìnáwó tí ó dín kù? Ó pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìpele, orúkọ yìí gan-an sì ni ó ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Bí a bá gbọ́ ìpele, àkàsọ̀ ni a máa ń rò: ẹni tí ó bá ti gun ti ìsàlẹ̀ ń lọ sí òkè nìyẹn. Àwọn kan tilẹ̀ rò pé bí àwọn ènìyàn bá gbádùn ẹ̀kọ́, wọn ó kọ́ ọ. Bí wọ́n bá kọ́ ọ, wọn ó lò ó. Bí wọ́n bá lò ó, èrè yóò dé.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1997, George Alliger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 34 jọ láti wo bí ìpele wọ̀nyí ṣe bá ara wọn tan. Wọ́n rí i pé bí ènìyàn ṣe gbádùn ẹ̀kọ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú bí ó ṣe mọ̀ ọ́n tó. Ìdáhùn sí ìbéèrè bóyá ẹ̀kọ́ náà wúlò fún iṣẹ́ ẹni ni ó súnmọ́ ìmọ̀ díẹ̀. Olùkọ́ni tí ó mọ ẹ̀fẹ̀ ṣe, gbọ̀ngàn tí fáànù rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ àti oúnjẹ tí ó dé lásìkò lè mú kí máàkì ìpele kìíní ga, kí ẹnikẹ́ni má sì mú ohun kan lọ sílé. Nítorí náà, bí a bá tilẹ̀ máa pín ìwé ìparí, kí á yé béèrè pé, “Ṣé ẹ gbádùn rẹ̀?” Kí á béèrè pé, “Kí ni ẹ máa ṣe ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ tí ẹ kò ṣe ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá?” Ẹni tí kò bá rí nǹkan kan kọ sí ibẹ̀ ti sọ òtítọ́ fún wa.

Àpẹẹrẹ tí ó fi ìyàtọ̀ àárín ìpele kẹta àti ìkẹrin hàn jù lọ kò jìnnà sí wa. Ìlú Lomé ní Tógò ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, Francisco Campos, Michael Frese àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, pẹ̀lú ọwọ́ Báńkì Àgbáyé, dán oríṣi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ méjì wò lára àwọn oníṣòwò kéékèèké 1,500. Wọ́n ṣẹ́ kèké, wọ́n sì pín wọn sí ẹgbẹ́ mẹ́ta, 500 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ kìíní kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣòwò tí gbogbo ènìyàn mọ̀: ìṣirò owó, ìpolówó ọjà àti àmójútó òṣìṣẹ́. Ẹgbẹ́ kejì kọ́ bí ènìyàn ṣe ń dá ọgbọ́n fúnra rẹ̀: láti máa wá ọ̀nà tuntun kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un, láti máa ro ọjọ́ iwájú, àti láti má ṣe jọ̀gọ̀ nígbà tí ìdíwọ́ bá dé. Ẹgbẹ́ kẹta kò gba ẹ̀kọ́ kankan. Wákàtí 36 láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni àwọn méjì àkọ́kọ́ fi jókòó, lẹ́yìn náà olùkọ́ni ń bẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan wò lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù fún oṣù mẹ́rin. Àwọn olùwádìí sì padà lọ béèrè nípa ìṣòwò wọn lẹ́ẹ̀mẹrin ní ohun tí ó ju ọdún méjì lọ.

Nígbà tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Science ní 2017, ó hàn pé ìṣesí yí padà nínú ẹgbẹ́ méjèèjì tí ó kẹ́kọ̀ọ́. Bí a bá dúró ní ìpele kẹta, a ó ní àwọn méjèèjì ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n èrè ẹgbẹ́ tí ó kọ́ ọgbọ́n àdádá fi 30 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tí kò kẹ́kọ̀ọ́ lọ, nígbà tí ti ẹgbẹ́ ẹ̀kọ́ ìṣòwò jẹ́ 11. Ìyàtọ̀ 11 yìí kéré débi pé ìṣirò kò lè fi dá wọn lójú pé kì í ṣe èèṣì. Ènìyàn lè máa ṣe ohun tí a kọ́ ọ gẹ́lẹ́, kí ohun náà má sì jẹ́ ohun tí ń mú owó wá. Èyí ni Elwood Holton ń bá òṣùwọ̀n náà wí lé lórí ní 1996: ìtòlẹ́sẹẹsẹ ni ó jẹ́, kì í ṣe àlàyé ohun tí ó ń fa òmíràn.

Ẹ kíyè sí ẹgbẹ́ kẹta náà. Láìsí wọn, kò sí bí ẹnikẹ́ni yóò ṣe mọ ohun tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ṣe yàtọ̀ sí ohun tí ìlú àti àsìkò ṣe. Kirkpatrick fúnra rẹ̀ gba àwọn ènìyàn níyànjú láti lo ẹgbẹ́ àfiwé níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe. Ìmọ̀ràn yìí ni a máa ń gbàgbé jù.

Ẹ jẹ́ kí a gbé e wá sí ilẹ̀ Ọ̀pin. Kí á ní ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ kan ní Ìsọlọ̀-Ọ̀pin fẹ́ kọ́ àwọn ìyá 40 tí ń yan gààrí bí a ṣe ń kọ ìwé owó. Kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí a bi wọ́n ní ìbéèrè bí èyí: “Ẹ ra ẹ̀gẹ́ ₦40,000, ẹ san ₦6,000 fún ọkọ̀, ₦5,000 fún ẹni tí ó lọ̀ ọ́, ₦4,000 fún igi ìdáná. Ẹ ta gààrí náà ní ₦68,000. Èló ni èrè yín?” ₦13,000 ni. Kí a tún bi wọ́n ní irú rẹ̀ pẹ̀lú owó mìíràn ní òpin. Bí 31 bá gbà á lẹ́yìn ẹ̀kọ́, ohun tí ó jẹ́ yóò dúró lórí iye tí ó gbà á ṣáájú. Bí wọ́n bá jẹ́ 9, ẹ̀kọ́ ti wọlé. Bí wọ́n bá jẹ́ 28, a lo ọjọ́ mẹ́ta láti kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n ti mọ̀. Ẹni tí kò bá ṣe ìdánwò ìṣáájú kò ní lè mọ ìyàtọ̀ méjèèjì.

Fún ìpele kẹta, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni kí a lọ sí ibi ìyangàrí, láìkéde, kí a ní, “Ẹ jọ̀wọ́, ìyá, ẹ jẹ́ kí a rí ìwé yín.” Ìwé tí a ń lò lójoojúmọ́ máa ń ní àbàwọ́n, bírò rẹ̀ kì í jẹ́ ẹyọ kan, ọjọ́ tí ọjà kò tà sì máa ń hàn nínú rẹ̀. Èyí tí a kọ ní alẹ́ kan nítorí àlejò máa ń mọ́ tónítóní láti òkè dé ilẹ̀. Bí ìyá kan kò bá sì kọ ìwé, kí a béèrè ìdí rẹ̀ kí a tó ní kò kẹ́kọ̀ọ́. Ó lè jẹ́ pé ọkọ rẹ̀ ni ó ń mú owó ọjà, tàbí pé àwìn ni gbogbo àwọn oníbàárà rẹ̀ ń rà. Kirkpatrick kọ ọ́ pé ẹni tí ó wà lókè òṣìṣẹ́ lè dí i lọ́wọ́ láti lo ohun tí ó kọ́. Ìmọ̀ wà, ààyè ni kò sí.

Ìpele kẹrin ni ewu wà. Bí a bá béèrè èrè wọn nígbà tí gààrí wọ́pọ̀, tí a tún béèrè nígbà tí ó wọ́n, iye tí a rí yóò lọ sókè, a ó sì fi ògo iye owó ọjà fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wa. Ọ̀nà àbáyọ ni kí a ṣẹ́ kèké: 20 yóò kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dún yìí, 20 yòókù lọ́dún tí ń bọ̀, kí a sì béèrè lọ́wọ́ gbogbo wọn ní ọ̀sẹ̀ kan náà kí ìpín kejì tó kẹ́kọ̀ọ́. Kò sí ẹni tí a fi dù ú, kèké kò sì ṣe ojúsàájú bí ìgbìmọ̀ ṣe lè ṣe nípa yíyan àwọn tí ó já fáfá síwájú.

Síbẹ̀, 20 kò tó. Bí èrè ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú 20 bá jẹ́ ₦30,000 lóṣù, tí ilé-ìwé kan sì wá ra gààrí lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo tí tirẹ̀ fi di ₦150,000, ìdáwọ́lé ẹgbẹ́ náà ti di ₦36,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. 20 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn, láti ọwọ́ ènìyàn kan, nígbà tí ẹ̀kọ́ kò ṣe nǹkan kan. Ìdí nìyí tí wọ́n fi lo ènìyàn 1,500 ní Lomé. Èrè oníṣòwò kékeré ń lọ sókè-sódò púpọ̀ jù kí ìwọ̀nba ènìyàn tó lè jẹ́rìí sí i.

Nítorí náà, èrò tiwa ni pé kí ìjọ tí ó ní ènìyàn 40 gba ìpele kejì àti ìkẹta mú ṣinṣin, kí ó sì sọ̀rọ̀ ìpele kẹrin pẹ̀lú ìṣọ́ra. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Owó tí a fi pe olùkọ́ni jẹ́ owó ọrẹ àwọn ènìyàn, ọjọ́ mẹ́ta tí àwọn ìyá fi jókòó jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta tí wọn kò fi yan gààrí. Ìròyìn tí yóò bọ̀wọ̀ fún wọn lè kúrú báyìí: “Àwọn 9 ni ó lè ṣírò èrè wọn kí a tó bẹ̀rẹ̀, 31 ní òpin. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, a rí ìwé owó tí a ń lò lọ́wọ́ 17 nínú 40. Nínú 23 yòókù, 12 sọ pé àwìn ni ó dí àwọn lọ́wọ́. A kò lè sọ bóyá èrè pọ̀ sí i nítorí ẹ̀kọ́ yìí.” Ẹgbẹ́ tí ó bá gba irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwìn ni ó yẹ kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ń bọ̀ dá lé.