Dátábéèsì Tó Mọ Ìwọ̀n Ara Rẹ̀

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ilé iṣẹ́ Ticketmaster bẹ̀rẹ̀ sí í ta tíkẹ́ẹ̀tì eré orin Taylor Swift. Alẹ́ mẹ́ta nínú àwọn eré náà jẹ́ ti Atlanta, ní pápá ìṣeré Mercedes-Benz, ní ìparí oṣù Kẹrin ọdún 2023. Ilé iṣẹ́ náà sọ lẹ́yìn náà pé ìbéèrè tó rọ́ lu ẹ̀rọ àwọn lọ́jọ́ yẹn tó bílíọ̀nù 3.5, ìlọ́po mẹ́rin èyí tó pọ̀ jù lọ tí wọ́n ti rí tẹ́lẹ̀. Inú bí àwọn olólùfẹ́ orin, ọ̀rọ̀ náà sì dé iwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023.

Ní Grayson, ìlú kékeré kan ní agbègbè Gwinnett, lápá ìlà-oòrùn Atlanta, ẹnjiníà dátábéèsì kan tó jẹ́ ọmọ Yorùbá, tó tún jẹ́ ẹni tó kọ àròkọ yìí, fi ojú mìíràn wo ìròyìn náà. Ohun tó gbà á lọ́kàn ni pé wọ́n ta tíkẹ́ẹ̀tì tó lé ní mílíọ̀nù 2 lọ́jọ́ náà gan-an. Kí títà tó bẹ̀rẹ̀, ènìyàn mílíọ̀nù 3.5 ti forúkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan bí mílíọ̀nù 1.5 ni wọ́n fún ní kóòdù ìwọlé. Wọ́n ní kí àwọn yòókù ṣì dúró ná. Nígbà tí àwọn tí kò ní kóòdù àtàwọn róbọ́ọ̀tì tún ya dé, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dẹwọ́ títà níbì kan, wọ́n sì sún ti ibòmíràn síwájú. Ó dun àwọn oníbàárà, ó sì yẹ kó dùn wọ́n. Síbẹ̀, ọjà ń tà. Iṣẹ́ ọwọ́ tó wà lẹ́yìn irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ ni ẹnjiníà yìí fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tó fi ń jẹun.

Ìdí tó fi jẹ́ pé dátábéèsì ni ọ̀rọ̀ máa ń já lé lórí kò ṣòro láti rí. Bí èrò bá pọ̀, a lè fi sáfà mẹ́wàá kún àwọn tó ń fi ojú ìwé han àwọn ènìyàn. Ṣùgbọ́n àga kan ṣoṣo ni àga kan. Ẹni méjì kò gbọdọ̀ rà á. Ibì kan ló gbọ́dọ̀ wà tí a ti ń kọ ọ́ pé Lágbájá ló ni ín, kí ẹlòmíràn sì dúró títí a ó fi kọ ọ́ tán. Ibẹ̀ ni gbogbo ìlà ti ń pàdé.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká sọ pé sáfà kan ń lo PostgreSQL, ó ní kọ́ọ̀ 8, ẹnjiníà sì fún un ní ìsopọ̀ 20 tó lè ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan bá ń gba mílísẹ́kọ́ǹdù 10, ìsopọ̀ kan yóò dáhùn 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, gbogbo wọn yóò sì dáhùn 2,000. Ìwọ̀n rẹ̀ nìyẹn. Wàyí o, èrò dé, ìbéèrè 3,000 sì ń wọlé ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ̀rún kan ló ń ṣẹ́ kù sórí ìlà ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà, 6,000 ló ti tò, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yóò sì dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta kó tó kàn án.

Bí áàpù orí fóònù bá jẹ́ èyí tí kì í dúró ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta lọ, àjálù ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láti ìgbà náà lọ, gbogbo ìbéèrè tó bá kàn ni ẹni tó béèrè rẹ̀ ti bá tirẹ̀ lọ. Dátábéèsì ń ṣiṣẹ́ bí ẹni máa kú, àwòrán iṣẹ́ rẹ̀ lójú ẹ̀rọ kún dé òkè, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan tó rí ìdáhùn gbà. Àwọn tí kò rí ìdáhùn yìí ló sì tún ń tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kejì. Bí èrò gidi bá tilẹ̀ wálẹ̀ sí 1,500, èyí tí dátábéèsì lè gbé pẹ̀lú ìrọ̀rùn, àtúntẹ̀ lè mú un padà sí 3,000. Ní ọdún 2021, Nathan Bronson àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìwé ìwádìí lórí irú ìṣubú yìí: ohun tó fà á ti kọjá lọ, àmọ́ ìṣubú náà ń bọ́ ara rẹ̀.

Àwọn ará Nàìjíríà mọ bó ṣe rí. Láàárín oṣù Kìn-ín-ní sí oṣù Kẹta ọdún 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó náírà tí owó sì wọ́n lóde, gbogbo ènìyàn ló sá di fífi owó ránṣẹ́ lórí fóònù. Ìyá oníṣu fi owó ránṣẹ́, kò lọ. Ó tún un tẹ̀. Ó ní kí ọmọ òun bá òun tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù tirẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rọ tó wà láàárín náà máa gbìyànjú fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Bí ìpele mẹ́ta bá tẹ̀ lé ara wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta, títẹ̀ kan ṣoṣo láti ọwọ́ màmá yìí lè di ìbéèrè 27 nígbà tó bá fi dé ìsàlẹ̀. Nítorí náà, òfin àkọ́kọ́ tí ẹnjiníà yìí máa ń fi lélẹ̀ ni pé ìpele kan péré ló gbọ́dọ̀ máa tún nǹkan gbìyànjú, kí ìgbìyànjú kọ̀ọ̀kan sì ní òǹtẹ̀ ìdánimọ̀ kan náà lára, kí owó má baà jáde lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tí ẹni tí kò bá mọṣẹ́ máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé kó ṣílẹ̀kùn sí i. Ó sọ ìsopọ̀ 20 di 1,000. Nínú PostgreSQL, ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ó ń jẹ mẹ́mórì, ó sì ń bá àwọn yòókù du kọ́ọ̀ 8 kan náà àti àgádágodo tó wà lára àwọn ìlà inú tábìlì. Mílísẹ́kọ́ǹdù 10 ìjelòó á wá di ìlọ́po ìlọ́po. Ìwọ̀n ibi tí a ti ń dáhùn á já wálẹ̀ ní àkókò tí a nílò rẹ̀ jù lọ.

Ọ̀nà tó gbéṣẹ́ ni kí ìlà wà níta dátábéèsì, kó kúrú, kí ẹni tó wà lórí rẹ̀ má sì pẹ́. PgBouncer, tó máa ń jókòó síwájú PostgreSQL, lè ṣe èyí pẹ̀lú ìlà márùn-ún:

```ini
[pgbouncer]
pool_mode = transaction
default_pool_size = 20
max_client_conn = 500
query_wait_timeout = 2
```

Ẹni 500 ló lè wọlé, 20 ń gba ìdáhùn lọ́wọ́, 480 ló lè wà lórí ìlà. Bí 2,000 bá ń jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá kò ní dúró ju ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Ẹni tó ṣe ìkọkànlélẹ́ẹ̀dẹ́gbẹ̀ta á rí èsì lójú ẹsẹ̀ pé kò sí àyè. Tí ìbéèrè bá sì wá lọ́ra, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba mílísẹ́kọ́ǹdù 100, 200 péré ni yóò máa jáde. Ìlà yẹn ì bá gba nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá méjì àti ààbọ̀ kó tó tán. Iye `query_wait_timeout` ló ń dá a dúró níbẹ̀: ẹni tó bá ti dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì, a dá a padà kí áàpù rẹ̀ tó sú u. Bí a ò bá fọwọ́ kàn án, ìṣẹ́jú méjì gbáko ni PgBouncer máa fi dá ènìyàn dúró.

Kéèyàn lè mọ̀ bóyá nǹkan ń bàjẹ́, àṣẹ `SHOW POOLS` ni kó tẹ̀. Òpó `cl_waiting` á fi iye tó wà lórí ìlà hàn, `maxwait` á sì sọ iye ìṣẹ́jú-àáyá tí ẹni tó pẹ́ jù ti dúró. Èyí kejì ni ẹnjiníà yìí ń wò. Ìlà gígùn tó ń yára lọ kò léwu. Ìlà kúkúrú tí kò kúrò lójú kan ló ń bà á lẹ́rù.

Dídá ènìyàn padà nìkan kò tó. Ẹni tó ń rán ìbéèrè gbọ́dọ̀ gbọ́, kó sì dẹwọ́. Ẹni tó bá ń wakọ̀ ní Atlanta mọ àwọn iná kéékèèké tó wà lẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé títì I-85: nígbà tí ọkọ̀ bá ti pọ̀ lójú títì, iná yẹn ń tú ọkọ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí títì má baà dì pátápátá. Sáfà náà ní iná tirẹ̀. Nígbà tí PgBouncer bá ti ní kò sí àyè, áàpù gbọ́dọ̀ dáhùn pẹ̀lú `503` àti `Retry-After: 30`, kí fóònù dúró díẹ̀, kó sì fi ìyàtọ̀ díẹ̀ sí àkókò tí yóò padà, kí gbogbo fóònù má baà padà dé pọ̀.

Ta wá ni a ó dá padà? Ibí yìí ni iṣẹ́ náà ti dùn mọ́ ẹnjiníà yìí jù. Àwọn ẹnjiníà WeChat ní Ṣáínà tẹ ìwé kan jáde lọ́dún 2018 nípa ọ̀nà tiwọn. Bí ìbéèrè bá ti ń dúró ju mílísẹ́kọ́ǹdù 20 lọ ní ìpíndọ́gba lórí ìlà, wọ́n kà á sí pé ẹrù ti pọ̀ jù. Irú iṣẹ́ ni wọ́n fi ń to àwọn ìbéèrè: wíwọlé sínú áàpù ló ga jù, owó sísan sì ga ju ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ lọ. Láàárín àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, wọ́n fún ènìyàn kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, nọ́ńbà yìí sì ń yí padà ní wákàtí wákàtí, kí ìyà má baà máa jẹ ẹnì kan ṣoṣo.

Ìdí wà tí wọn kò fi kàn máa já ìbéèrè sílẹ̀ bó ṣe wù wọ́n. Ká ní ríra nǹkan kan gba ìbéèrè méjì, tí a sì ń já ìdajì ìbéèrè sílẹ̀ láìwojú ẹnikẹ́ni. Ènìyàn kan nínú mẹ́rin ni yóò rí méjèèjì gbà. A ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fún àwọn kan lára àwọn yòókù, a ò sì ní parí rẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé nọ́ńbà ènìyàn la ń wò, ìdajì àwọn ènìyàn á parí ọjà wọn, ìdajì kejì á sì gbọ́ ní kùtùkùtù pé kí wọ́n padà wá. Sáfà tó ń kún á tún fi ìwọ̀n nọ́ńbà tó ń gbà lọ́wọ́ ránṣẹ́ padà sókè, kí àwọn tó wà níwájú rẹ̀ lè dá ènìyàn dúró kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá.

Gbogbo èyí ní ibi tó mọ. Kíkọ̀ pàápàá ń gba agbára: a gbọ́dọ̀ tẹ́wọ́ gba ìsopọ̀ kí a tó lè sọ pé kò sí àyè. Nítorí náà, kí ọjọ́ ọjà ńlá tó dé, ẹnjiníà yìí máa ń fi èrò àtọwọ́dá dán sáfà wò ní 1,000, ní 2,000, ní 3,000, ní 6,000, títí lọ. Kì í wo iye ìbéèrè tó wọlé. Iye èyí tó rí ìdáhùn kí àkókò rẹ̀ tó pé ló ń yà sórí ìwé. Ó yẹ kí ìlà àwòrán yẹn gòkè dé 2,000, kó sì dúró síbẹ̀ gbọọrọ. Níbi tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, kíkọ̀ ti ń jẹ agbára tó yẹ kó jẹ́ ti dídáhùn, ó sì ti tó àkókò láti gbé ẹnu ọ̀nà mìíràn kalẹ̀ síwájú sí i, bí i iyàrá ìdúró lórí ìkànnì.

Bí ìkún náà bá sì ti lọ, ẹnjiníà yìí kì í ṣí gbogbo ìlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí dátábéèsì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tún dìde, mẹ́mórì rẹ̀ kò tíì ní àwọn ohun tí ènìyàn ń béèrè jù, orí díìsìkì ló ti ń kó wọn, mílísẹ́kọ́ǹdù 10 sì lè jẹ́ 40 fún ìgbà díẹ̀. Ẹni mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ló máa ń kọ́kọ́ gbà wọlé. Á wo `maxwait`. Tó bá ti padà sí òdo tó sì dúró síbẹ̀, á gba ogún, lẹ́yìn náà ogójì, títí gbogbo wọn á fi wọlé tán.