Dúdú Tó Kì Ló Dáa

Ìyá kan ń ta èlùbọ́ lórí Wọ́sáàpù ní Jahi, l'Ábújá. Bí oníbàárà bá sanwó tó sì yin ọjà, á ya ojú fóònù rẹ̀, á gbé e sórí sítátọ́ọ̀sì kí ẹlòmíràn lè rí i. Ṣùgbọ́n kó tó gbé e, á kọ́kọ́ pa orúkọ àti nọ́ńbà oníbàárà náà rẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀ wù mí wò.

Kì í sọ nọ́ńbà di bàìbàì, ó sì gbọ́n. Òǹkà mẹ́wàá péré ni nọ́ńbà fóònù ń lò, láti òdo dé ẹẹ́sàn-án. Ẹni tó bá fẹ́ tú u lè kọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sọ wọ́n di bàìbàì bákan náà, kó máa fi wé ti inú àwòrán títí yóò fi rí èyí tó bára mu. Ní 2022, Dan Petro ti ilé-iṣẹ́ Bishop Fox gbé irinṣẹ́ Unredacter jáde, tó ń fi irú ọgbọ́n yìí tú ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ di onígun kéékèèké. Ìyá yìí kì í fi máákà inú fóònù pa á náà, nítorí pé òmíràn kì í kì tó: bí èèyàn bá mú kí àwòrán mọ́lẹ̀ sí i, ohun tó wà lábẹ́ á yọjú.

Onígun mẹ́rin dúdú ló ń tẹ́ lé e. Á fi ìka méjì fẹ àwòrán lójú, á tẹ́ ẹ láti etí ìlà dé etí ìlà, kí ẹnikẹ́ni má baà fi gígùn ibi tó bò mọ̀ bóyá Bọ́lá ni tàbí Olúwadámiláre.

Lẹ́yìn náà ló kan rìsíìtì, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń tàsé. Lórí OPay àti PalmPay, nọ́ńbà àkáǹtì sábà máa ń jẹ́ nọ́ńbà fóònù tí wọ́n yọ òdo iwájú rẹ̀ kúrò. Ẹni tó pa nọ́ńbà fóònù rẹ́ lókè, tó fi ti àkáǹtì sílẹ̀ nísàlẹ̀, asán ló ṣe. Òun a máa pa méjèèjì rẹ́ pátá, kì í ṣẹ́ òǹkà mẹ́ta kù sẹ́yìn bí àwọn kan ti ń ṣe.

Ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn ni mo fẹ́ràn jù: á ṣí àwòrán tó ti bò, á tún ya ojú fóònù, tuntun yìí ló ń gbé síta. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, Simon Aarons àti David Buchanan fi hàn pé bí èèyàn bá fi irinṣẹ́ inú fóònù Pixel gé àwòrán, apá kan èyí tó gé dànù ṣì lè wà nínú fáìlì náà, a sì lè yọ ọ́ jáde. Àwòrán tí a tún yà kò ní irú ìyókù bẹ́ẹ̀, ohun tó hàn lójú fóònù nìkan ló gbé. Google ti tún irinṣẹ́ náà ṣe ní oṣù yẹn, ṣùgbọ́n àtúnṣe náà kò dé ọ̀dọ̀ àwòrán tí àwọn èèyàn ti fi ránṣẹ́ ṣáájú.