Ọ̀rọ̀ kan, iṣẹ́ mẹ́ta: Àyẹ̀wò àkójọ ọ̀rọ̀ tí àwọn ògbufọ̀ Yorùbá-Nago ń lò

Ní Odomèta, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ alájọ kan ń fi fóònù ṣe ìṣirò owó wọn. Ní ọjọ́ kan, akápò wọn ṣèèṣì ṣí ojú ewé tí kò fẹ́ ṣí. Bọ́tìnì tí ìbá fi kúrò níbẹ̀ wà níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n “Pa á rẹ́” ni a kọ sí i lára. Ó bẹ̀rù pé gbogbo owó tí òun ti kọ sílẹ̀ láti àárọ̀ ni yóò pa rẹ́. Dípò kí ó tẹ̀ ẹ́, ó pa fóònù náà, iye owó tí kò tíì tọ́jú sínú rẹ̀ sì sọnù lóòótọ́. Èmi náà wà lára àwọn ògbufọ̀ mẹ́rin tí ó túmọ̀ ojú ewé wọ̀nyẹn, nítorí náà ẹ̀bi tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín kan èmi pàápàá.

Ọ̀rọ̀ Faransé tí ó wà lára bọ́tìnì náà ni Annuler. Ọ̀kan nínú wa kọ “Pa á rẹ́”, èkejì kọ “Fagi lé e”, ẹ̀kẹta kọ “Dá a padà”. Bí a bá ṣí ìwé atúmọ̀-èdè, a óò rí i pé kò sí èyí tí a lè pè ní àṣìṣe nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ibi tí ìṣòro wà ni pé iṣẹ́ méjì ni Annuler ń ṣe lórí ẹ̀rọ. Ọ̀kan ni kí ènìyàn kúrò láìṣe ohunkóhun, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Cancel. Èkejì ni kí ẹ̀rọ tú ohun tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ká, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Undo. Ẹni tí ó ń túmọ̀ láti inú Gẹ̀ẹ́sì ní Ìbàdàn rí ọ̀rọ̀ méjì, kò sì lè ṣì wọ́n gbé. Àwa tí a ń túmọ̀ láti inú Faransé rí ẹyọ kan ṣoṣo.

A kò kúkú bẹ̀rẹ̀ láìní ìwé lọ́wọ́. A ní Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú apá kìíní rẹ̀ (1984), tí Awóbùlúyì sì jẹ́ olóòtú apá kejì (1990). Iṣẹ́ ńlá ni, òun ni ó sì kọ́ àwọn olùkọ́ bí a ṣe ń fohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣàlàyé èdè àti lítíréṣọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ṣe ìlẹ̀kùn rẹ̀. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ mọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní mọ ibi tí yóò gbà wọlé. Ohun tí ó tọ́ fún yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ tó fún bọ́tìnì, nítorí ọ̀rọ̀ ìperí máa ń ní àlàyé lẹ́yìn, bọ́tìnì kì í ní.

Àkójọ kejì tí a wò ni èyí tí Unicode ń pa mọ́ ní orúkọ CLDR, láti inú èyí tí ọ̀pọ̀ fóònù àti kọ̀ǹpútà ti ń mú orúkọ ọjọ́, oṣù àti orílẹ̀-èdè. Yorùbá wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí yo, ti Benin sì wà gẹ́gẹ́ bí yo_BJ. “Ọjọ́ Ẹtì” nínú ti àkọ́kọ́ di “Ɔjɔ́ Ɛtì” nínú ti èkejì, “Oṣù Ṣẹ́rẹ́” sì di “Oshù Shɛ́rɛ́”. Ó dára pé wọn kò gbàgbé àkọtọ́ wa, èyí tí a fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1975. Síbẹ̀, pàṣípààrọ̀ lẹ́tà ni iṣẹ́ yìí jẹ́ ní ìpìlẹ̀: ẹ di ɛ, ọ di ɔ, ṣ di sh. Lẹ́tà nìkan ni irú pàṣípààrọ̀ bẹ́ẹ̀ lè yanjú. Bí a bá ṣe é fún “àkáǹtì”, kò sí ohun tí yóò yí padà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ti ń gbọ́ compte láti kékeré kò ní tìtorí rẹ̀ mọ ohun tí a ń sọ. (Àkọtọ́ Nàìjíríà ni mo fi kọ àyẹ̀wò yìí, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ìwé tí mo tọ́ka sí fi kọ wọ́n.)

Ohun tí a wá ṣe ni pé a tú àkójọ wa ká, a sì tún un tò láti orí iṣẹ́, kì í ṣe láti orí ọ̀rọ̀. Káàdì kan fún iṣẹ́ kan. Ní apá òsì ni a kọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá tẹ̀ ẹ́, ojú ewé tí ó ti fara hàn, ọ̀rọ̀ Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì. Apá yìí kan náà ni àwọn tí ń túmọ̀ sí èdè Fọn ń lò. Apá ọ̀tún ni ti èdè kọ̀ọ̀kan: ọ̀rọ̀ tí a yàn, ní àkọtọ́ méjèèjì, àti ọ̀rọ̀ tí a kọ̀ pẹ̀lú ìdí tí a fi kọ̀ ọ́. Mo ka ààyè ọ̀rọ̀ tí a kọ̀ sí pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ, nítorí bí kò bá sí níbẹ̀, ògbufọ̀ tí ó bá dé lọ́la yóò tún gbé ọ̀rọ̀ kan náà wá pẹ̀lú ayọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo Enregistrer. Ó di káàdì mẹ́ta lọ́wọ́ wa. Fún orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ tuntun, a yan “Forúkọ sílẹ̀”. Fún ohùn, a yan “Gba ohùn sílẹ̀”. Fún iye owó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ, gbogbo wa ni a kọ́kọ́ kọ “Fi pamọ́”, inú wa sì dùn pé a fohùn ṣọ̀kan nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín. Àfi ìgbà tí a dé orí Masquer, tí í ṣe kí a bo nǹkan kúrò lójú, tí a tún rí i pé “Fi pamọ́” náà ni ẹni kan ti kọ síbẹ̀. Yorùbá sì ni méjèèjì: ohun tí a fi pamọ́ lè jẹ́ ohun tí a tọ́jú, ó sì lè jẹ́ ohun tí a kò fẹ́ kí ojú rí. Nítorí náà a kọ “Fi pamọ́” sí ààyè ọ̀rọ̀ tí a kọ̀ lórí káàdì méjèèjì, a sì yan “Tọ́jú” fún ìkan, “Bò ó” fún èkejì. Ní ti Annuler, “Jáwọ́” ni a yàn fún kíkúrò, a sì fi “Dá a padà” sílẹ̀ fún títú nǹkan ká. Nínú fáìlì ìtumọ̀, ìlà àkọ́kọ́ ni ó ń gbé iṣẹ́ inú káàdì wá:

```
msgctxt "bọ́tìnì: kúrò láìṣe ohunkóhun"
msgid "Annuler"
msgstr "Jáwọ́"
```

Láìsí ìlà yìí, Annuler méjèèjì yóò gba ìtumọ̀ kan ṣoṣo, káàdì wa ì báà dára tó bẹ́ẹ̀.

Ìlànà ìkọ̀wé kò gùn lọ́wọ́ wa. Ohun tí a jà lé lórí jù ni “o” àti “ẹ”. Àwọn àgbà obìnrin ni ó ń lo ẹ̀rọ yìí, etí kò sì gbà pé kí ẹ̀rọ máa pè wọ́n ní “o”. A fẹnu kò pé kí gbólóhùn tí ẹ̀rọ bá fi bá ènìyàn sọ̀rọ̀ ní “ẹ”, ṣùgbọ́n kí bọ́tìnì jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe lásán, nítorí ènìyàn ni ó ń fi bọ́tìnì rán ẹ̀rọ níṣẹ́. Ekejì ni iye: ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-orúkọ ni kí ó wà, “fáìlì 3”, láìka ipò tí ó wà nínú Faransé sí. Faransé ní láti pín ẹyọ àti ọ̀pọ̀. Yorùbá kò pín wọn, ìdí nìyí tí CLDR fi fún wa ní ẹyọ ìrísí kan.

Kí a tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ìdánwò méjì ni a ń ṣe báyìí. A to gbogbo ìtumọ̀ jọ, a sì wá èyí tí ó wà lábẹ́ káàdì méjì. Báyìí ni a ṣe rí “Fi pamọ́”. Lẹ́yìn náà, a bo Faransé, a sì bi ẹni tí kò sí nínú iṣẹ́ náà pé, “Bí ẹ bá tẹ èyí, kí ni yóò ṣẹlẹ̀?” Ìdánwò àkọ́kọ́ kò lè mú “Pa á rẹ́” tí ó kó bá akápò, nítorí kò bá ẹnikẹ́ni jọ. Ìkejì ni ó mú un, ní ìbéèrè kìíní.